Ọ̀kẹ́ Mẹ́fà

Ní oṣù Kejì ọdún yìí, ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi fọ́tò ìwé àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kò gùn: "Ọmọ mi, ìwọ lò ń ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Bá mi túmọ̀ èyí sí Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, kí àwọn ọmọ mi lè kà á. Kò pọ̀." Lóòótọ́ kò pọ̀. Ojú ewé kan péré ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lórí rẹ̀, mo sì ti fi ìtumọ̀ tí kò tọ́ ránṣẹ́ sí wọn kí n tó rí èyí tó tọ́.

Ìyá màmá mi ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún, àwọn ọmọ wọn sì fẹ́ ṣe ìwé ìtàn ìdílé kékeré kan fún ọjọ́ náà. Bùọ̀dá tó kéré jù nínú wọn ló rí ìwé náà nínú àpótí aṣọ Màmá ní Abẹ́òkúta. Ó yà á lórí ibùsùn pẹ̀lú iná fóònù. Mo kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láìfi àmì kankan kún un. Orúkọ ènìyàn nìkan ni mo yọ kúrò.

"Emi . . . ara Itoko ni Abeokuta mo gba oke mefa lowo . . . loni. Mo si fi omo mi obirin . . . sofa fun u. Yio ma sin i titi emi o fi san owo na tan. Ise re ki ise ara owo na. Bi omo na ba sa emi o wa a. Bi o ba ku emi o fi omiran ropo re tabi ki nsan owo na. Emi ki yio gba a pada lai san owo na. Emi ko je e ni gbese miran."

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ orí ìwé, oṣù Kẹjọ ọdún 1921, àti àmì àgbélébùú kékeré kan níbi tó yẹ kí ẹni tó gba owó fọwọ́ sí. Akọ̀wé ló bá a kọ ọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti gbìyànjú kó tó kàn mí. Ó ní bàbá náà gba nǹkan kan láti orí òkè mẹ́fà, ó sì fi àga sófà fún ọmọbìnrin rẹ̀. A rẹ́rìn-ín sí i gan-an lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tì í fúnra mi, mo rí i pé bí kì í bá ṣe pé mo ti gbọ́ "fi ọmọ sọfà" rí, kò sí ohun tó wà lójú fọ́tò náà tí ì bá gbà mí lọ́wọ́ àga.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba kọ́ọ̀sì àkọtọ́ mọ ìtàn náà. Láti ìgbà ìpàdé àwọn míṣọ́nnárì ní Èkó ní 1875 ni wọ́n ti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ sì wà nínú rẹ̀. Àkọtọ́ tí àwa kọ́ ní ilé ìwé, ti 1974, ló sọ "enia" di ènìyàn, "aiye" di ayé, "yio" di yóò, "on" di òun. Ẹni tó bá ti ka Bíbélì àtijọ́ yóò mọ ìwọ̀nyẹn lójú. Kì í ṣe wọn ló ń dani láàmú. Àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ti òde òní pátápátá ni ìjàngbọ̀n, nítorí ojú á kàn sáré kọjá wọn ni.

Mo kọ́kọ́ bèèrè fún fọ́tò mìíràn. Ìwé náà jẹ́ ìwé onílà, akọ̀wé sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ fara kan ìlà. Àmì ìsàlẹ̀ tó bá fi sí i, orí ìlà gan-an ló máa ń bọ́ sí. Iná fóònù tún fọ́n sójú ìwé, Wásáàpù náà sì ti fún fọ́tò náà pọ̀ kó lè kéré. Mo ní kí Bùọ̀dá gbé ìwé náà sí ẹ̀bá fèrèsé ní àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n pa iná fóònù, kí wọ́n yà á lọ́nà mẹ́rin ní sísúnmọ́, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ bí fáìlì, kì í ṣe bí fọ́tò. Ìyàtọ̀ náà pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wá láti ẹ̀gbẹ́ ń jẹ́ kí ojú rí ibi tí ṣóńṣó gègé ti tẹ ìwé mọ́lẹ̀, kódà níbi tí tàdáwà ti ṣí. Mo wá rí i pé "oke" ní àmì lábẹ́ lẹ́tà méjèèjì. Ọ̀kẹ́ ni, kì í ṣe òkè.

Owó wá ni. Nígbà owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan, ìyẹn ọ̀nà ẹgbàá mẹ́wàá. Nígbà tí owó òyìnbó dé, àwọn ènìyàn ò tètè fi ọ̀nà ìkàwó àtijọ́ sílẹ̀. Sísì ni wọ́n ń pè ní ẹgbàá, nítorí náà ọ̀kẹ́ kan di ṣílè márùn-ún, ọ̀kẹ́ mẹ́rin sì di pọ́ùn kan. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí àpò mẹ́fà, òǹkàwé á máa wá ohun tó wà nínú àpò. Bí mo bá kọ iye ẹyọ tó wà níbẹ̀, á rò pé olówó ni bàbá náà. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni ọgbọ̀n ṣílè, pọ́ùn kan àti ìdajì. Ìyẹn bí ó bá jẹ́ mẹ́fà lóòótọ́, nítorí àárín ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ìwé ti ká, ó sì ti ya díẹ̀. Lẹ́tà tó wà láàárín lè jẹ́ "f", ó sì lè jẹ́ "t". Mẹ́fà tàbí mẹ́ta. Mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ìbéèrè.

Mo wá dé "Yio ma sin i". Àkọtọ́ àtijọ́ kì í kọ máa ní fáwẹ̀lì méjì, nítorí náà "ma" lè jẹ́ máa, ó sì lè jẹ́ má. Ẹnì kan lè kà á pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ sìn ín. Ṣùgbọ́n yóò ló ṣáájú rẹ̀, má tó ń kọ nǹkan kì í sì í jókòó síbẹ̀ yẹn. Ìyẹn rọrùn. Èyí tí mo ṣubú sí ni "emi o wa a".

Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá kọ "mi o lọ" ránṣẹ́ sí yín láìfi àmì sí i, ẹ ó mọ̀ pé kò lọ ni. Bí ojú mi ṣe kà á nìyẹn. Nínú ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, mo kọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé bí ọmọ náà bá sá, bàbá rẹ̀ kò ní wá a. Àǹtí mi pè mí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohùn wọn ti yí padà. "Kò ní wá a? Ọmọ tirẹ̀?" Mo ní ohun tí ìwé wí nìyẹn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní, "Mo fi orúkọ bàbá yẹn sọ ọmọ mi." Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó sọ̀rọ̀ àga sófà yẹn ni.

N kò sùn dáadáa. Ní ọjọ́ kejì mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ṣáájú: mo wo bí akọ̀wé kan náà ṣe ń kọ nǹkan tí kò ní ṣẹlẹ̀. Nínú ìlà méjì tó kẹ́yìn, nígbà tó fẹ́ sọ pé òun kò ní ṣe nǹkan, "emi ki yio" ló kọ. Nígbà tó fẹ́ sọ pé òun kò jẹ gbèsè mìíràn, "emi ko" ló kọ, k rẹ̀ wà níbẹ̀ kedere. Kò sí ibì kankan tó ti gé k kúrò. Ẹ tún wo "emi o" méjì tó kù: "titi emi o fi san" àti "emi o fi omiran ropo re". Ìkíní kò lè jẹ́ kíkọ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń ṣe àdéhùn títí òun kò fi ní san. Èkejì kò lè jẹ́ kíkọ̀, nítorí "tabi" tó tẹ̀ lé e fún wa ní ohun mìíràn tó lè ṣe dípò. Gbogbo "emi o" inú ìwé náà, èmi ó ni, ìyẹn èmi yóò. Bí ọmọ náà bá sá, bàbá rẹ̀ yóò wá a.

Ohùn òkè kan ṣoṣo ni. Mo pè wọ́n, mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìpele mẹ́ta, bí olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìtumọ̀ ti ń pariwo rẹ̀ láti ìpele kẹta tí a kò sì gbọ́. Mo kọ ohun tó wà lójú ìwé sílẹ̀, lẹ́tà fún lẹ́tà, láìtún ohunkóhun ṣe. Lábẹ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ ní àkọtọ́ òde òní pẹ̀lú gbogbo ohùn, nítorí àmì ohùn kò ní jẹ́ kí o sá: o gbọ́dọ̀ yan ó tàbí ò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Gẹ̀ẹ́sì tó kàn. Ìgbà tí mo fo ìpele kejì ni mo ṣìnà. "Ki nsan", fún àpẹẹrẹ, mo ní láti ya n sọ́tọ̀ kí n tó rí i pé kí n san ni, kì í ṣe ń san.

Ìlà tó le jù láti sọ ní Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ kankan nínú. "Ise re ki ise ara owo na." Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ara owó náà. Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ Àǹtí, mo ní kó kà á kó sì sọ fún mi ní ẹnu ara rẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin náà ṣiṣẹ́ san gbèsè bàbá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Rárá o! Òdìkejì rẹ̀ ni ìlà yẹn ń sọ. Ohun tó mú ìwọ̀fà yàtọ̀ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún èlé orí owó. Bó ṣiṣẹ́ ọdún kan, bó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá, ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni gbèsè bàbá rẹ̀ ṣì jẹ́. Mo tún un kọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé bó ti wù kó pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́, gbèsè náà kò ní dín. Ọmọ náà kà á, ó ní, "Ìyẹn ò dáa." Mo mọ̀ pé ó ti yé e.

Kí ni kí a wá pe ọmọ náà? Àǹtí fẹ́ kí n kọ ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ àná wọn òyìnbó máa ka ìwé náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ ń gba owó iṣẹ́, ó sì lè lọ bó bá wù ú. Ẹrú ńkọ́? Kì í ṣe ẹrú. Ìwọ̀fà ní bàbá tí ayé mọ̀, ìdílé rẹ̀ kò kọ̀ ọ́, a kò lè tà á, ọjọ́ tí owó bá pé ló ń lọ sílé. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tí àwọn onímọ̀ ìtàn ń lò, pọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó bá gbọ́ ọ, ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì ló ń rí, tàbí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi wúrà yáwó. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a fi ìwọ̀fà sílẹ̀ bó ṣe jẹ́, kí a sì fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìtumọ̀ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á rò ó.

Ó kù ohun kan tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn tí wọn ò tètè sọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì mi, ẹni tó yáni lówó ti di ọkùnrin. "Fun u", "sin i": Yorùbá kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, orúkọ ẹni náà sì jẹ́ irú èyí tí takọtabo ń jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí n dákẹ́, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọkùnrin ni mo kọ. Àǹtí wá bi mí lọ́jọ́ kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Kí ni ọkùnrin àgbà ń fi ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe nínú ilé?" N kò ní èsì.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn mo wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ìwé náà, mo sì fẹ́ kà á fún Màmá. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn ń gbọ́. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti inú ẹ̀dà tí mo ti fi ohùn sí. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo fẹ́ sọ ohun tí wọn kò mọ̀ nípa ìyá wọn. Nígbà tí mo dé "sọfà", wọ́n mi orí.

"Ìwọ̀fà ni ìyá mi, ta ni ò mọ̀? Ọ̀dọ̀ aláró ni wọ́n mú un lọ."

"Aláró wo, Màmá?"

"Ìyá kan ní Ìtòkú. Ó ń pa aṣọ láró, ó ń tà á. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Títí tó fi kú, èékánná rẹ̀ ò mọ́."

Mo bi wọ́n bóyá obìnrin ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Wọ́n pe orúkọ náà fúnra wọn kí n tó pè é. Obìnrin ni. Mo bọ́ síta, mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù lójú ẹsẹ̀.

Kí n tó dá ìwé náà padà sínú àpótí, mo yí i padà. Kò sẹ́ni tó ti yí i padà látìgbà tí a ti ń pariwo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan wà lẹ́yìn, ní pẹ́ńsù, ọwọ́ mìíràn ló kọ ọ́, kò sì ní àmì kankan: "O san oke meji. O ku merin."

Bùọ̀dá tó dúró lórí mi ka ìparí rẹ̀ sókè. "Ó kú?" Mo sọ fún wọn pé ẹ fara balẹ̀. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ló dáhùn: ó kù mẹ́rin. Ènìyàn kì í kú mẹ́rin. Bàbá náà ti san ọ̀kẹ́ méjì, ọ̀kẹ́ mẹ́rin ló kù. Ìgbà yẹn ni mo rántí àmì ìbéèrè mi. Méjì àti mẹ́rin, mẹ́fà ni. Bí owó náà bá jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ta, kò sí bí mẹ́rin ṣe lè kù. Mo ti fi gíláàsì asọ-nǹkan-di-ńlá wo ibi tí ìwé ti ya fún bí i wákàtí méjì ní Ìbàdàn, ẹ̀yìn ìwé ló ti dá mi lóhùn láti 1921 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Kò sí ọjọ́ lórí rẹ̀.

Ìtumọ̀ tó wọ inú ìwé ìdílé nìyí, bí mo bá sọ ọ́ padà ní Yorùbá: Bàbá kan láti Ìtòkò yá ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, lọ́wọ́ obìnrin aláró kan. Ó fi ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ obìnrin náà. Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó yáni lówó títí gbèsè yóò fi tán, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í dín gbèsè náà kù. Bó bá sá, bàbá rẹ̀ yóò wá a. Bó bá kú, bàbá rẹ̀ yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ tàbí kó san owó náà. Gbólóhùn kúkúrú ni gbogbo wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọmọ Àǹtí ní láti bèèrè, mo sì ti ṣàlàyé rẹ̀. "Aláró" kò sí nínú ìwé náà, nítorí náà mo kọ ọ́ sábẹ́ pé ẹnu Màmá ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí n fi iye tí owó náà jẹ́ ní náírà òde òní sí i. N kò fi í sí i. Mo kàn kọ ọ́ pé ọ̀kẹ́ mẹ́rin ló ń jẹ́ pọ́ùn kan.

Àǹtí gbà kí ìwọ̀fà dúró. Wọ́n ní kí n yọ ìlà ikú yẹn kúrò, èyí tó sọ pé a ó fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. A jà lórí ìyẹn fún ọjọ́ méjì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ní bí a bá yọ ọ́, kí a má pè é ní ìtumọ̀ mọ́, kí a pè é ní ìtàn. Ní ìparí, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì fi fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn ìwé náà sí ojú ewé kejì.

Màmá fúnra wọn bèèrè ohun kan ṣoṣo, nígbà tí mo fẹ́ máa lọ sí gáréèjì. Wọ́n fẹ́ mọ ta ló san mẹ́rin tó kù. Mo sọ fún wọn pé ìwé kò sọ. Wọ́n ní kí n tún àpótí wò nígbà tí mo bá padà wá ní ọdún Àjíǹde, pé ìwé mìíràn wà ní ìsàlẹ̀, lábẹ́ àwọn aṣọ òkè.